Pásẹ́ẹ̀lì tó padà wá láti Améríkà: bí a ṣe ń yẹ àdírẹ́sì oníbàárà wò

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Kubwa ni mo ń gbé, àdìrẹ ni mo ń tà. Mo fi pásẹ́ẹ̀lì ránṣẹ́ sí oníbàárà kan ní Àtìláńtà, ó sì padà wá bá mi pẹ̀lú bébà yẹ́lò tí wọ́n kọ INSUFFICIENT ADDRESS sí lára. Mo ti wo àdírẹ́sì náà lórí Google Maps, ilé yẹn wà níbẹ̀. Kí ni mi ò ṣe?

Ìdáhùn: Ẹ kú ìnáwó, ẹ sì kú ìrọ́jú. Ohun tí bébà yẹn ń sọ ni pé àdírẹ́sì náà kò pé tó láti fi gbé ẹrù dé ọwọ́ ẹnikẹ́ni. Ilé tó ní ọ̀pọ̀ fúláàtì ló sábà máa ń fà á: oníbàárà á kọ nọ́ńbà ilé, kò ní kọ nọ́ńbà fúláàtì. Lọ́hùn-ún, odindi ọgbà tó ní fúláàtì rẹpẹtẹ lè máa jẹ́ nọ́ńbà kan ṣoṣo, afìwéránṣẹ́ kò sì ní máa kan ilẹ̀kùn kọ̀ọ̀kan kiri.

Google Maps ò lè sọ èyí fún yín, torí pé nígbà míì ṣe ló ń fojú díwọ̀n ibi tí nọ́ńbà kan yẹ kó bọ́ sí lójú títì. Ibi tó yẹ kí ẹ wò ni àkójọ àdírẹ́sì ti USPS, ìyẹn ilé iṣẹ́ ìfìwéránṣẹ́ Améríkà, nítorí àwọn ló ń gba ẹrù tí ẹ bá fi ránṣẹ́ nípasẹ̀ NIPOST bó bá ti dé ọ̀hún. Àwọn ibi tí afìwéránṣẹ́ wọn ń dé ló wà nínú rẹ̀, títí kan fúláàtì kọ̀ọ̀kan. Ẹ ò ní sanwó kankan láti wò ó.

Ẹ lọ sí usps.com, ẹ wá ibi tí wọ́n kọ Look Up a ZIP Code sí, kí ẹ sì mú Find by Address. Ẹ tẹ nọ́ńbà ilé àti orúkọ títì, ìlú, àti ìpínlẹ̀. Síìpù kóòdù tí oníbàárà fún yín, ẹ má tíì tẹ̀ ẹ́. Ẹ jẹ́ kí àkójọ náà fún yín ní tirẹ̀, kí ẹ lè fi wé èyí tó wà lọ́wọ́ yín. Ká fi àdírẹ́sì àfiṣàpẹẹrẹ kan ṣe é. Oníbàárà kọ 9999 Sample Street, Atlanta ránṣẹ́. Èyí ló jáde:

```
9999 SAMPLE ST
ATLANTA GA 30300-1234
```

Ibí ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń dúró sí, wọ́n á ní àdírẹ́sì ti dáa nítorí pé nọ́ńbà mẹ́rin ti so mọ́ síìpù kóòdù. Ẹ má dúró síbẹ̀. Nọ́ńbà mẹ́rin yẹn lè jẹ́ ti gbogbo ilé láti nọ́ńbà kan dé òmíràn ní títì kan náà, nítorí náà kò fi hàn pé ilé tiyín wà, áńbọ̀sìbọ́sí fúláàtì. Ẹ tẹ àdírẹ́sì tó jáde yẹn kí àlàyé abẹ́ rẹ̀ lè ṣí, kí ẹ wá ibi tí wọ́n kọ DPV Confirmation Indicator sí. Lẹ́tà kan ṣoṣo ló máa ń wà níwájú rẹ̀, òun sì ni mo máa ń wò kí n tó san owó ìfiránṣẹ́ èyíkéyìí.

Bí ó bá jẹ́ Y, wọ́n mọ ilé náà, wọ́n sì mọ fúláàtì bí ó bá ní. D ni tiyín máa jẹ́, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ lè dá a lójú: wọ́n mọ ilé, ṣùgbọ́n ilé náà ní fúláàtì, a ò sì kọ ọ́. S túmọ̀ sí pé wọ́n mọ ilé, wọ́n rí nọ́ńbà fúláàtì tí ẹ kọ, àmọ́ kò sí irú nọ́ńbà bẹ́ẹ̀ nínú àkójọ wọn. Bí N bá jáde, wọn ò mọ nọ́ńbà ilé yẹn rárá.

Ẹ padà bá oníbàárà yín, ẹ bi í ní nọ́ńbà fúláàtì. Bó bá ní 214, ẹ tún tẹ gbogbo rẹ̀:

```
9999 SAMPLE ST APT 214
ATLANTA GA 30300-1287
```

Lẹ́tà náà á di Y. Nọ́ńbà mẹ́rin tó gbẹ̀yìn náà sábà máa ń yí padà, nítorí pé fúláàtì ti wá ní tirẹ̀ báyìí. Bó ṣe jáde gan-an ni kí ẹ kọ ọ́ sára ẹrù, kí APT wà lórí ìlà kan náà pẹ̀lú orúkọ títì, kí UNITED STATES OF AMERICA sì gba ìlà ìsàlẹ̀ pátápátá. Ẹ dúró ti akọ̀wé tó ń tẹ fọ́ọ̀mù kọ́sítọ́ọ̀mù sínú kọ̀ǹpútà, kó má fo APT yẹn, nítorí ohun tó bá tẹ̀ ni yóò jáde sórí sítíkà tí wọ́n máa lẹ̀ mọ́ ẹrù.

Ìbéèrè: Ẹ ṣé gan-an. Mo ti rí D yẹn lóòótọ́. Ó wá ní B14 ni fúláàtì òun, mo tẹ̀ ẹ́, S ló gbé jáde. Ó búra pé ibẹ̀ lòun ń gbé.

Ìdáhùn: Ó lè jẹ́ òótọ́ ló ń sọ. Bí àwọn ará ilé ṣe ń pè é lè yàtọ̀ sí bí wọ́n ṣe kọ ọ́ sínú àkójọ. Ilé B, fúláàtì 14 lè wà níbẹ̀ bí BLDG B APT 14, ó sì lè jẹ́ nọ́ńbà mìíràn pátápátá. Ẹ má máa méfò. Ẹ ní kó ya fọ́tò lẹ́tà kan tí báǹkì tàbí iléeṣẹ́ iná fi ránṣẹ́ sí i, ibi àdírẹ́sì nìkan, kó bo ìyókù. Bí wọ́n ṣe kọ ọ́ síbẹ̀ ni kí ẹ tẹ̀. Ilé tuntun nìkan ni mo lè fi ṣe àfikún, nítorí oṣooṣù ni wọ́n ń tún àkójọ USPS yẹn ṣe, ilé tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ lè má tíì wọ inú rẹ̀.

Ìbéèrè: Èmi ní Wúsè, Y ni tèmi, síbẹ̀ ó padà wá. ATTEMPTED – NOT KNOWN ni wọ́n kọ.

Ìdáhùn: Orúkọ ni kí ẹ yẹ̀ wò níbẹ̀. Àkójọ yẹn mọ ilé, kò mọ ẹni tó ń gbé inú rẹ̀. Àwa Yorùbá sì máa ń fi Màmá Tóbi tàbí orúkọ Fesibúùkù ra ọjà. Ẹ gba orúkọ tó wà lára àpótí lẹ́tà rẹ̀. Bó bá jẹ́ ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló ń gbé, orúkọ tirẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ kọ, kí ẹ wá fi C/O àti orúkọ ẹ̀gbọ́n sórí ìlà tó tẹ̀ lé e.

Ìbéèrè: Ṣé mo lè fi yẹ àdírẹ́sì ní Kàdúná wò?

Ìdáhùn: Rárá, ti Améríkà nìkan ni. Kóòdù oní nọ́ńbà mẹ́fà ti NIPOST la ní níbí. Èyí àkọ́kọ́ ń tọ́ka sí ẹkùn, mẹ́ta àkọ́kọ́ lápapọ̀ sí àgbègbè tí wọ́n ń kó ẹrù lọ, bíi 800 fún ìgboro Kàdúná, mẹ́ta ìyókù sí ibi tí wọn yóò ti pín in. Kò dé ẹnu ọ̀nà ilé. Ẹ kọ nọ́ńbà fóònù olùgbà àti ohun tí gbogbo èèyàn mọ̀ nítòsí, bíi mọ́sálásí tàbí ilé epo, mọ́ ọn.