Ohun tí "get" bò mọ́lẹ̀ nínú iṣẹ́ ìwádìí mi

Nígbà tí alábòójútó iṣẹ́ ìwádìí mi dá orí kẹrin padà fún mi, báírò pupa ló fi yí gbogbo "get", "got" àti "gotten" inú rẹ̀ ká. Gbólóhùn kan péré ló kọ sí ìsàlẹ̀ ojú ìwé tó kẹ́yìn: kí n wá ọ̀rọ̀ tó bá ìwé másítà mu. Orí náà dá lórí àwọn obìnrin tó ń ṣe gààrí ní agbègbè Ìsẹ́yìn: ibi tí ẹ̀gẹ́ wọn ti ń wá, bí wọ́n ṣe ń rówó ṣiṣẹ́, àti ohun tí wọ́n ń ṣe bí ẹ̀rọ bá dákẹ́. Ìkánjú ni mo fi kọ ọ́, bí ẹni ń kọ lẹ́tà sí ọ̀rẹ́, mo sì ti ní in lọ́kàn pé màá tún un ṣe tó bá yá.

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, mo ṣí ìwé atúmọ̀ èdè, mo rí "obtain" níwájú "get", mo sì gbà pé iṣẹ́ ti parí. Mo ní kí kọ̀ǹpútà fi "obtain" rọ́pò "get", kó fi "obtained" rọ́pò "got" níbi gbogbo. Lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ ni "target" di "tarobtain", "together" di "toobtainher", "vegetable" sì di "veobtainable", nítorí lẹ́tà mẹ́ta tó tẹ̀lé ara wọn ni kọ̀ǹpútà ń wá, kò mọ̀ bóyá wọ́n dá dúró tàbí inú ọ̀rọ̀ mìíràn ni wọ́n wà. Ìyẹn rọrùn láti rí, mo tẹ Ctrl+Z, gbogbo rẹ̀ sì padà sípò. Èyí tó dẹ́rù bà mí ni àwọn gbólóhùn tí ọ̀rọ̀ inú wọn pé, àmọ́ tí ìtumọ̀ wọn ti dàrú. "The price got too high" ti di "the price obtained too high". Ẹni tó bá ń sáré kà á lè kọjá lára rẹ̀.

Mo wá pinnu pé n kò ní jẹ́ kí kọ̀ǹpútà pààrọ̀ ohunkóhun mọ́. Kó kàn bá mi wá wọn, kí n sì fọwọ́ ara mi tún ọ̀kọ̀ọ̀kan ṣe. LibreOffice Writer ni mo ń lò. Mo tẹ Ctrl+H, mo sàmì sí `Regular expressions`, mo sì tẹ èyí sínú àpótí tí wọ́n ń kọ ohun tí wọ́n ń wá sí:

```
\b[Gg][eo]t(s|ten|ting)?\b
```

Ààlà ọ̀rọ̀ ni `\b` méjèèjì, ìyẹn ni kò jẹ́ kó mú "target" mọ́ wọn. Èyí tó kù ń mú "get", "got", "gets", "gotten" àti "getting", yálà lẹ́tà ńlá ló bẹ̀rẹ̀ wọn tàbí kékeré. Ó rí 43 nínú orí náà.

Mo jókòó ti àkọ́kọ́, n kò sì mọ ohun tí màá kọ. Ìwé atúmọ̀ èdè fún mi ní ọ̀rọ̀ bíi mẹ́wàá, kò sì sọ èyí tó jẹ́ tèmi. Ibi tí mo ti ń wá a kiri ni mo ti rántí pé àwọn obìnrin yìí kò bá mi sọ Gẹ̀ẹ́sì rárá. Yorùbá ni gbogbo wọn fi dá mi lóhùn, èmi ni mo sọ ọ́ di Gẹ̀ẹ́sì, "get" ni mo sì ń lò ní gbogbo ibi tí ọ̀rọ̀-ìṣe kò bá tètè wá sí mi lẹ́nu. Ohun tí wọ́n sọ gan-an ṣì wà nínú ìwé àjákọ mi àti nínú fóònù tí mo fi gba ohùn wọn sílẹ̀. Mo lọ gbé e jáde.

Ìpínrọ̀ kan rèé bí mo ṣe kọ ọ́ tẹ́lẹ̀: "Most of the women got their cassava from farms near the town, but the price got too high in the dry season, so some of them got loans from the cooperative. When the grater got damaged, they got a mechanic to repair it. We have gotten similar complaints from other towns." Ẹ̀ẹ̀mẹfà ni ọ̀rọ̀ kan náà wà nínú gbólóhùn mẹ́ta. Nínú ìwé àjákọ mi, ọ̀rọ̀ mẹ́fà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni: wọ́n *rí* ẹ̀gẹ́, ó *wọ́n*, wọ́n *yá* owó, ẹ̀rọ *bàjẹ́*, wọ́n *pe* mẹkáníìkì, a *gbọ́* ẹjọ́ kan náà níbòmíràn. Yorùbá ti ya gbogbo wọn sọ́tọ̀ kí n tó dé bẹ̀. Èmi ni mo dà wọ́n pọ̀.

Láti ibẹ̀, ọ̀rọ̀-ìṣe Yorùbá ni mo kọ́kọ́ ń kọ sí ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan kí n tó wá ti Gẹ̀ẹ́sì. Ti ẹ̀gẹ́ yẹn gba àkókò. Ó kọ́kọ́ ṣe mí bíi kí n kọ "bought", nítorí ọ̀pọ̀ wọn ló ń rà á. Àmọ́ nígbà tí mo wo àkọsílẹ̀, àwọn kan ń wú u lóko ọkọ wọn, àwọn kan sì máa ń gbà á àwìn, tí wọ́n á sanwó lẹ́yìn tí wọ́n bá ta gààrí. Bí mo bá kọ "bought", mo ti purọ́ mọ́ wọn. Níbí ni "obtained" ti wúlò, nítorí ó sọ pé wọ́n wá a, ó sì dé ọwọ́ wọn, láìsọ ọ̀nà tó gbà dé. Ẹ̀gẹ́ wọ́n: "the price rose beyond what they could pay". Yíyá owó kò nílò ju "borrowed" lọ, ó sì dá mi lójú pé ó dára ju "obtained loans" lọ, torí ọ̀rọ̀ kan ti ṣe iṣẹ́ méjì. Ẹ̀rọ bàjẹ́: "broke down". Wọ́n pe mẹkáníìkì, wọ́n sì sanwó fún un: "hired". Ẹjọ́ tí a gbọ́: "received".

Ó wá di: "Most of the women obtained their cassava from farms near the town, but in the dry season the price rose beyond what they could pay, and some of them borrowed from the cooperative. When the grater broke down, they hired a mechanic to repair it. We have received similar complaints from other towns."

Lẹ́yìn èyí, iṣẹ́ náà yá díẹ̀. Níbi tí "got" bá ti wà níwájú ọ̀rọ̀ àpèjúwe, ọ̀rọ̀-ìṣe kan sábà máa ń wà tó ti gbé méjèèjì: "got worse" di "worsened", "got better" di "improved", "got fewer" di "declined". Dídé ọjà di "reached", èrè jíjẹ di "made a profit", "have got" tó túmọ̀ sí níní di "have" lásán, "have got to" sì di "must".

Ibi tí mo ti fẹ́ ṣìnà jù ni láàárín "obtain", "receive", "acquire" àti "procure", torí ìwé atúmọ̀ èdè máa ń tò wọ́n bí ẹni pé ọ̀kan ni wọ́n. Bí ẹlòmíràn bá fún èèyàn ní nǹkan, "receive" ni. Bí òun fúnra rẹ̀ bá sapá títí nǹkan náà fi tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́, "obtain" ni. "Acquire" bá ohun tó ń di tèèyàn pátápátá mu, bí ilẹ̀, ẹ̀rọ, tàbí ìmọ̀ iṣẹ́ tí èèyàn fi ọdún kó jọ. "Procure" jẹ́ ọ̀rọ̀ ilé-iṣẹ́ àti ìjọba, ibi tí ìwé àṣẹ wà, tí wọ́n sì ń yan ẹni tí wọ́n máa rà á lọ́wọ́ rẹ̀. Obìnrin tó ra agbada kan lọ́jà kò "procure" rẹ̀, ó rà á, "bought" sì tọ́ sí ìwé másítà. Mo tún ṣọ́ra fún "obtain" tí kò ní ohun tí wọ́n gbà lẹ́yìn, nítorí ohun tó túmọ̀ sí nígbà náà ni pé nǹkan wà bẹ́ẹ̀ tàbí pé àṣà kan ṣì ń lọ.

"Gotten" mẹ́ta ni mo ní. Kì í ṣe àṣìṣe, Gẹ̀ẹ́sì Amẹ́ríkà ni. Àwọn ará Ílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà lò ó rí, ó wà nínú Bíbélì tí wọ́n tẹ̀ ní 1611, nínú Jẹ́nẹ́sísì 4:1, ṣùgbọ́n "got" ló borí lọ́dọ̀ wọn lẹ́yìn náà, "gotten" sì ṣẹ́kù sínú ọ̀rọ̀ bíi "ill-gotten". Lẹ́nu ará Amẹ́ríkà, "she has got a machine" ni pé ó ní ẹ̀rọ, "she has gotten a machine" ni pé ó ti rí ọ̀kan. Gẹ̀ẹ́sì ti Ílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ́ wa nílé ìwé, òun náà ni gbogbo ìyókù iṣẹ́ mi tẹ̀ lé. Síbẹ̀, bí mo bá pa "gotten" dà sí "got", báírò pupa yẹn á tún yí i ká. Ọ̀kan ti di "received" lókè, "has acquired" ni mo kọ fún ìyókù.

Èyí tó pẹ́ lọ́wọ́ mi jù ni gbólóhùn kan ṣoṣo: "The women got their children to peel the cassava after school." Mo ti kọ "made their children peel", mo sì ti fẹ́ lọ sí èyí tó kàn, kó tó sọ sí mi lọ́kàn pé ohun tí mo kọ yẹn ni pé wọ́n fipá mú àwọn ọmọ. "Persuaded" ńkọ́? Ìyẹn ni pé àwọn ọmọ kọ́kọ́ kọ̀, wọ́n wá ń bẹ̀ wọ́n. "Had their children peel" ni pé wọ́n pàṣẹ. "Get" gba gbogbo wọn láyè, kò sì fi èyí tó ṣẹlẹ̀ hàn. Mo tún ohùn ìyá kan gbọ́ lórí fóònù: "Bí wọ́n bá ti iléèwé dé, mo máa ń ní kí wọ́n bá mi bó o, àwọn tó bá ráyè." Kò sí ipá, kò sí ẹ̀bẹ̀. Mo tún tẹ́tí sí àwọn mẹ́rin mìíràn tó dárúkọ ọmọ, ohun kan náà ni wọ́n sọ. Mo kọ "asked their children to help peel the cassava after school". Ẹni tó bá ka "made" nínú iṣẹ́ mi lè fi ṣe ẹ̀rí pé wọ́n ń fipá mú àwọn ọmọ ṣiṣẹ́ ní agbègbè yẹn, láìsí pé ẹnikẹ́ni sọ bẹ́ẹ̀ fún mi.

Mẹ́rin nínú 43 náà ni n kò fọwọ́ kàn. Òṣìṣẹ́ ètò ọ̀gbìn kan ló fi Gẹ̀ẹ́sì dá mi lóhùn, ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ sì wà láàárín àmì àyọlò. Bó ṣe sọ ọ́ ló gbọ́dọ̀ wà. Àyọlò àwọn obìnrin yàtọ̀, torí ìtumọ̀ tèmi ni wọ́n. Mo tún wọn ṣe, mo sì kọ Yorùbá wọn sí abẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ẹni tó gbọ́ èdè wa lè yẹ̀ mí wò.

Kí n tó fi í ránṣẹ́, mo tún wá "obtain" náà lọ́nà kan náà. Ó ti di 11. Mo padà sí ẹ̀gbẹ́ wọn, mo wo Yorùbá tí mo kọ síbẹ̀, mo rí i pé márùn-ún nínú wọn jẹ́ rírà gan-an, mo sì sọ wọ́n di "bought".