Bí a ṣe ń la ìṣẹ́jú mẹ́wàá àkọ́kọ́ já nígbà tí ìpayà òjijì bá kọlu èèyàn

Ojú ọ̀nà Kábà sí Lọ́kọ́ja ló ti ṣẹlẹ̀. Ṣáránì la wọ̀, a ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé Ọ̀bájáná, tírélà sìmẹ́ǹtì sì tò síwájú wa, mọ́tò ò lè lọ, kò lè bọ̀. Obìnrin tíṣà kan tó jókòó tì mí bẹ̀rẹ̀ sí í fa ọrùn aṣọ rẹ̀. Ó ní, "Màmá, èémí mi ò délẹ̀ mọ́. Mo máa kú síbí." Kó tó tó ìṣẹ́jú mẹ́ta, òógùn ti bò ó, ètè rẹ̀ ń ta á ṣínríṣínrín, ìka ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sì ká wọlé, àtàǹpàkò lẹ̀ mọ́ àtẹ́lẹwọ́, kò ṣeé nà. Ọkùnrin tó wà lẹ́yìn ní gìrì ni, ó ń wá ṣíbí tí yóò fi sí i lẹ́nu. Ẹnìkan ti ya píọ́ wọ́tà dà lé e lórí. Ẹlòmíràn ń pariwo sí i létí pé, "Mí kanlẹ̀! Fa èémí sínú dáadáa!"

Nọ́ọ̀sì ni mí. Ọjọ́ ti pẹ́ tí wọ́n ti ń gbé irú ẹni bẹ́ẹ̀ wá bá mi, láti ọjà, láti ìsọjí, láti gbọ̀ngàn ìdánwò. Nínú gbogbo àwọn tó wà nínú mọ́tò yẹn, ẹni tó ní kó fa èémí sínú ló pa á lára jù, òun gan-an ló sì rò pé òun ló mọ iṣẹ́ náà. Ibẹ̀ ni mo ti máa ń rí i tí gbogbo èèyàn ń ṣì í ṣe, nítorí náà ibẹ̀ ni n ó pẹ́ sí jù.

Ẹ kọ́kọ́ mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ara. Ọpọlọ ti gbọ́ pé ewu dé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ewu kankan ò sí. Àwọn ẹṣẹ́ kékeré méjì tó wà lórí kíndìnrín á tú adirẹnalínì sínú ẹ̀jẹ̀. Ìyẹn ló ń mú kí àyà máa lù kìkì, kí ara máa gbọ̀n, kí òógùn bò èèyàn, kí inú máa rú. Èémí náà á yára, ìdí abájọ nìyẹn: ara ń múra láti sáré. Ṣùgbọ́n ẹni tó jókòó sínú mọ́tò kò sáré. Ó ń mí bí ẹni tó ń sáré, ó sì ń tú afẹ́fẹ́ tí wọ́n ń pè ní kábọ́nì dáyọ́kísáìdì síta ju bó ṣe yẹ lọ. Bí afẹ́fẹ́ yẹn bá ti dínkù jù nínú ẹ̀jẹ̀, iṣan tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ lọ sí ọpọlọ á fún, òòyì á máa kọ́ni, gbogbo nǹkan á dà bí àlá. Àwọn iṣan tó ń mọ nǹkan lára náà á máa ta gììrì, ètè á máa ta, ìka á ká. Ohun tó ká ọwọ́ tíṣà yẹn nìyẹn. Kì í ṣe gìrì, kì í ṣe wárápá, kì í ṣe pé ẹnìkan ta á lọ́fà.

Ohun tó wá ń dẹ́rù bani jù ni pé ó ń ṣe èèyàn bíi pé afẹ́fẹ́ ò tó, bẹ́ẹ̀ afẹ́fẹ́ ti pọ̀ jù. Igbá tó kún fún omi kò gba omi mìíràn mọ́. Bí àyà ṣe rí nìyẹn: ó ti kún, a ò tú u jáde, a tún ń ní kó gbà sí i. Ìdí nìyí tí "mí kanlẹ̀" fi ń sọ ọ̀rọ̀ di ńlá.

Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ ohunkóhun, ẹ bi ara yín tàbí ẹni náà léèrè nǹkan mẹ́ta. Ṣé ìrora kan ń tẹ̀ ẹ́ láyà bí ẹrù wúwo, tó ń lọ sí apá, ẹ̀yìn tàbí àgbọ̀n, pàápàá bó bá ní ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí tó ti dàgbà? Ṣé ó ní ikọ́ fée, tí àyà rẹ̀ sì ń súfèé bó bá ń mí? Ṣé ó ń lo oògùn ìtọ̀ ṣúgà, tí kò sì tíì jẹun? Bó bá jẹ́ ti àkọ́kọ́, ẹ má dúró ka ìka, ọsibítù ni kẹ́ ẹ gbé e lọ. Bó bá jẹ́ ti ìkejì, ẹ wá fẹ́ntolín rẹ̀ fún un. Bó bá jẹ́ ti ìkẹta, tó ṣì lè gbé nǹkan mì, ẹ fún un ní ohun dídùn mu. Ẹni tó dákú gan-an, tí kò dáhùn mọ́, ẹ gbé òun náà lọ. Ìpayà kì í sábà mú kí èèyàn dákú, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó máa ń ṣe é bíi pé ó fẹ́ ṣubú. Bó bá sì jẹ́ pé àkọ́kọ́ tó máa ṣe é nìyí láyé rẹ̀, kódà bó bá lọ sílẹ̀, kó ṣì lọ yẹ ara wò lọ́jọ́ náà. Àìsàn méjì tí kò jọra lè pariwo bákan náà.

Bí ìwọ̀nyẹn bá ti kúrò níbẹ̀, ẹ jókòó. Ẹ fi ẹ̀yìn ti nǹkan, ẹ bọ́ bàtà, kí àtẹ́lẹsẹ̀ kan ilẹ̀. Ẹ tú ohun tó bá fún yín lọ́rùn tàbí nídìí. Gèlè náà, ẹ tú u.

Èémí ló wá kàn. Ẹ kọ́kọ́ tú u síta. Ẹ má fa nǹkankan sínú ṣáájú. Ẹ fi ètè súnmọ́ ara wọn díẹ̀, kẹ́ ẹ máa fẹ́ atẹ́gùn jáde bí ẹni tó ń fẹ́ ẹ̀kọ gbígbóná nínú ife, tí kò fẹ́ kó ta sí òun lára. Ẹ má fẹ́ ẹ bí ẹni tó ń fẹ́ná. Mo ti rí ọ̀pọ̀ tó ṣe bẹ́ẹ̀, òòyì wọn sì ń le sí i. Ẹ jẹ́ kó jáde fúnra rẹ̀ fún ìwọ̀n kíka ení dé ẹ̀fà. Lẹ́yìn náà, ẹ pa ẹnu dé, kí èémí gba imú wọlé fún ìwọ̀n kíka ení dé ẹ̀rin. Èémí kékeré ni, irú èyí tí ẹni tó ń sùn ń mí. Ẹ gbé ọwọ́ kan lé ìdodo: ibẹ̀ ló yẹ kó máa gbé sókè. Bó bá jẹ́ èjìká ló ń gbéra, ẹ ti ń fà á jù nìyẹn.

Bí ẹ bá ti ṣe é tán lẹ́ẹ̀kan, ẹ ká ìka kan. Ẹ̀fà síta, ẹ̀rin wọlé, ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá nìyẹn. Ìka mẹ́wàá á gbà yín ní ọgọ́rùn-ún ìṣẹ́jú àáyá. Bí ẹ bá ka ìka ọwọ́ méjèèjì tán lẹ́ẹ̀mẹfà, ìṣẹ́jú mẹ́wàá ti pé géérégé. Àwọn kan máa ń lo aago orí fóònù. Èmi ò fẹ́ ẹ, nítorí ẹni tí ẹ̀rù ń bà á máa wo bí nọ́ńbà ṣe ń sáré, òun náà á sì bẹ̀rẹ̀ sí í sáré. Ìka kì í kú bátìrì. Bó bá ká bí ti tíṣà yẹn, ẹ máa fi ìgìgísẹ̀ tẹ ilẹ̀ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan dípò rẹ̀.

Kíka ẹ̀fà lè má ṣeé ṣe ní ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ fi ẹ̀ta síta, èjì wọlé bẹ̀rẹ̀, kẹ́ ẹ máa fi kún un díẹ̀díẹ̀. Ohun tí kò gbọ́dọ̀ yí padà ni pé kí èyí tó ń jáde gùn ju èyí tó ń wọlé.

Ẹ má fi ọ̀rá bo ẹnu àti imú ẹnikẹ́ni. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ti rí i níbì kan tí wọ́n ti ń mí sínú àpò pépà. Bó bá jẹ́ ọkàn tàbí ikọ́ fée ló ń ṣe ẹni náà ní tòótọ́, ẹ ti gba afẹ́fẹ́ tó ṣẹ́kù mọ́ ọn lọ́wọ́ nìyẹn. Ṣíbí náà, ẹ jẹ́ kó wà nídìí ọbẹ̀. Eyín tí mo ti rí tó kán nítorí ṣíbí ju ẹyọ kan lọ.

Láàárín ìṣẹ́jú kẹta sí ìkẹfà ni ọ̀pọ̀ ń jáwọ́, torí ìgbà yẹn ló máa ń le jù. Wọ́n á ní kíka náà kò ṣiṣẹ́, wọ́n á dìde, wọ́n á fẹ́ já jáde nínú mọ́tò. Bẹ́ẹ̀, ó ti fẹ́ dé góńgó ni. Láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá ló sábà máa ń dé góńgó rẹ̀, lẹ́yìn náà ara á bẹ̀rẹ̀ sí í gbọn adirẹnalínì yẹn nù. Ẹ má bá a jà, ẹ má sì lé e. Ẹ jẹ́ kí àyà máa lù bó ṣe ń lù, kẹ́ ẹ máa ka ìka yín. Píọ́ wọ́tà tútù wúlò níbí, ṣùgbọ́n ẹ má yà á: ẹ gbé e sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ àti iwájú orí, kẹ́ ẹ fọkàn sí bó ṣe tutù tó.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ẹnìkan ṣoṣo ni kó sọ̀rọ̀, ní ohùn jẹ́jẹ́. Ẹ má sọ pé "kò sí nǹkan tó ń ṣe ẹ́", torí nǹkan ń ṣe é. Bẹ́ ẹ bá fẹ́ gbàdúrà, ẹ gbà á wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. Ariwo létí ẹni tí ọpọlọ rẹ̀ ti ń sọ pé ewu dé, ẹ̀rí ni yóò kà á sí. Ẹ jẹ́ kí atẹ́gùn ráyè, kẹ́ ẹ sì máa bá a mí.

Ohun tí mo ṣe fún tíṣà yẹn ò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Mo gbá ṣíbí dànù, mo ní kí dẹ́rẹ́bà ṣí fèrèsé, mo gbé ọwọ́ rẹ̀ tó ká lé itan mi. Mo ní, "Ọmọ mi, fẹ́ ẹ̀kọ yẹn fún mi. Díẹ̀díẹ̀." Ó sunkún ní ìka mẹ́wàá àkọ́kọ́. Ní ìkejì, ó ní kí n jẹ́ kí òun bọ́ sílẹ̀. Ní ìkẹta, àtàǹpàkò ọ̀tún tú. Nígbà tá a ka ìkarùn-ún tán, ó na ọwọ́ méjèèjì, ó ń wò wọ́n bíi pé wọn kì í ṣe tirẹ̀.

Ìgbà yẹn ló tó sọ fún mi pé obì lòun ti ń jẹ láti òwúrọ̀ kóòun má bàa sùn, òun ò sì tíì jẹun, torí òun fi gbogbo òru mákì ìwé. Kafíìnì tó wà nínú kọfí wà nínú obì náà, ó sì máa ń ta àyà jí. Ẹni tó bá ti ṣe rí kó fi obì àti ohun mímu adáni-lágbára sílẹ̀ lọ́jọ́ ìrìn àjò. Kó má sì ra faliọ́mù lọ́dọ̀ oníkẹ́míìsì fúnra rẹ̀. Ó máa ń di bárakú. Bí ìpayà náà bá ń padà wá, tàbí tí ẹ̀rù rẹ̀ kò jẹ́ kí èèyàn wọ mọ́tò mọ́, ìtọ́jú gidi wà fún un lọ́dọ̀ dókítà, ti ọ̀rọ̀ sísọ àti ti oògùn.

Tírélà ṣí lọ́nà. Dẹ́rẹ́bà béèrè bóyá kóun dá a padà sí Kábà. Mo ní kó máa lọ, torí bí tíṣà náà bá bọ́ sílẹ̀ níbẹ̀, ó lè má wọ mọ́tò lọ́la. Ó bi mí bóyá òun lè jẹ nǹkan. Mo fún un ní ẹ̀pà, a sì jọ ń jẹ ẹ́ dé Lọ́kọ́ja.