Káàdì fáṣúà mi ń kọ̀, owó sì wà níbẹ̀: ohun tó yanjú rẹ̀

Bàtà 50 dọ́là ni mo fẹ́ fi káàdì fáṣúà rà, ìyẹn káàdì inú áàpù báńkì tí a fi ń rajà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Mo fi gbèdéke ìnáwó rẹ̀ sí 50 gẹ́lẹ́, kí olè má baà rí jù bẹ́ẹ̀ kó. Ó ń kọ̀ ṣáá. Mo tún nọ́ńbà tẹ̀, mo pààrọ̀ fóònù, pàbó.

Ìgbà tí mo wo àlàyé ìkọ̀sílẹ̀ nínú áàpù báńkì ni mo rí i pé 54.30 ni wọ́n béèrè: owó orí àti owó ìfiránṣẹ́ ti gorí rẹ̀. Mo gbé gbèdéke sí 60, ó wọlé lójú ẹsẹ̀.

Nígbà tí owó jáde tán, mo ti káàdì náà pa. Mi ò pa á rẹ́, torí orí rẹ̀ ni owó máa gbà padà bí bàtà kò bá bá mi mu. Báńkì yín lè yàtọ̀ o.