Láptọ́ọ̀pù kan, èèyàn mẹ́rin: bí ẹ ṣe lè dáàbò bo kọ̀ǹpútà tí gbogbo ilé ń lò

Nílé wa n'Ìbàdàn, láptọ́ọ̀pù kan ṣoṣo la ní, èèyàn mẹ́rin la sì ń lò ó. Màmá mi ń kọ owó àjọ wọn sínú Excel, bàbá mi kó ìwé ilẹ̀ tí wọ́n síkáànì síbẹ̀, àbúrò mi ọkùnrin ń fi gbá géèmù, èmi náà ń fi ṣiṣẹ́. Lọ́jọ́ kan àbúrò mi gbé fúláàṣì lọ síbi tí wọ́n ti ń tẹ̀wé, ó fẹ́ tẹ sílípù ìdánwò ẹ̀ jáde, nígbà tó padà dé tó kì í bọ láptọ́ọ̀pù, gbogbo fódà inú ẹ̀ ti di ṣọ́tíkọ́ọ̀tù, ó tẹ ọ̀kan, fódà náà ṣí, ó sì rò pé kò sí wàhálà. Lọ́jọ́ kejì màmá mi ki fúláàṣì tiwọn bọ̀ ọ́, tiwọn náà dà bẹ́ẹ̀.

Antifáírọ́ọ̀sì wà lórí láptọ́ọ̀pù yẹn o. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé ní bí oṣù méjì ṣáájú, àbúrò mi gba géèmù ayédèrú kan lórí fúláàṣì ọ̀rẹ́ ẹ̀, ìwé tó tẹ̀ lé géèmù náà ní kó sọ fún antifáírọ́ọ̀sì pé kó má yẹ C:\ àti E:\ wò mọ́, ó sì ṣe é. Fúláàṣì tá a bá kì bọ láptọ́ọ̀pù wa, E: ló sábà máa ń jẹ́. Ìyẹn ni pé látìgbà yẹn kò sẹ́ni tó ń yẹ fúláàṣì kankan wò nílé wa, a ò sì mọ̀. Ohun tá a ṣe lẹ́yìn ẹ̀ nìyí, Windows 11 la ń lò, tiyín lè yàtọ̀ díẹ̀.

Ẹ kọ́kọ́ pín àkáǹtì

Gbogbo wa là ń wọlé pẹ̀lú àkáǹtì kan náà, Administrator sì ni, ohun tó jẹ́ kí ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún lè yí ètò antifáírọ́ọ̀sì padà nìyẹn. Ẹ lọ sí Settings > Accounts > Other users, ẹ tẹ Add account. Tí ẹ ò bá fẹ́ lo ímeèlì, ẹ tẹ I don't have this person's sign-in information, lẹ́yìn náà Add a user without a Microsoft account. Kí kálukú ní tiẹ̀, kí gbogbo ẹ̀ jẹ́ Standard User. Àkáǹtì Administrator kan ṣoṣo ni kó kù, kó má jẹ́ tẹnikẹ́ni fún iṣẹ́ ojoojúmọ́, kí àgbà méjì nínú ilé mọ páswọ́ọ̀dù ẹ̀, torí tó bá jẹ́ ẹnì kan ló mọ̀ ọ́n tó sì gbàgbé, wàhálà ńlá ni. Ẹ rí i dájú pé àkáǹtì yẹn ṣí dáadáa kẹ́ ẹ tó sọ tiyín di Standard.

Látìgbà náà, tí ẹnì kan bá fẹ́ fi nǹkan sórí kọ̀ǹpútà, ó sábà máa bèèrè páswọ́ọ̀dù yẹn, ibẹ̀ lẹ á ti bèèrè pé kí nìyí, níbo lo ti rí i. Ṣùgbọ́n ó níbi tó mọ o: fáírọ́ọ̀sì tó bá wọlé lábẹ́ àkáǹtì màmá ṣì lè ba fáìlì màmá jẹ́. Ti bàbá ni kò ní rọrùn fún un láti dé.

Antifáírọ́ọ̀sì: ẹ wo ohun tí wọ́n ní kó má wò

Microsoft Defender tó ti wà nínú Windows tó fún ọ̀pọ̀ ilé, ẹ ò nílò láti ra òmíràn. Ẹ ṣí Windows Security, ẹ wọ Virus & threat protection, ẹ tẹ Manage settings. Kí Real-time protection wà ní On. Ẹ wá wálẹ̀ lọ síbi Exclusions, ibẹ̀ lọ̀pọ̀ èèyàn kì í dé. Tí ẹ bá rí C:\ tàbí odindi fódà Downloads níbẹ̀, tí ẹ ò sì mọ ẹni tó fi í síbẹ̀, ẹ yọ ọ́ kúrò. Lẹ́yìn náà ẹ padà sí Scan options, ẹ mú Microsoft Defender Offline scan, á pa kọ̀ǹpútà, á tún un tàn, á sì yẹ̀ ẹ́ wò kí Windows tó jí. Ó máa ń gbà tó ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, kí bátìrì kún o.

Fáìlì inú fúláàṣì kò sọnù, fáírọ́ọ̀sì yẹn kàn fi í pamọ́ ni, ó wá gbé ṣọ́tíkọ́ọ̀tù sípò ẹ̀. Ẹ á mọ̀ torí ọfà kékeré á wà lára ẹ̀, ìwọ̀n ẹ̀ ò sì ní ju 1 KB tàbí 2 KB lọ. Ẹ má tẹ̀ ẹ́. Ẹ fi Defender yẹ fúláàṣì náà wò kọ́kọ́, ẹ wá ṣí Command Prompt, ẹ kọ eléyìí (tó bá jẹ́ F: ni tiyín, ẹ pààrọ̀ E):

```
attrib -h -r -s /s /d E:\*.*
```

Fódà yín á yọjú, nígbà míì inú fódà kan tí ò lórúkọ ni gbogbo ẹ̀ wà. Ẹ kó ìwé àti fọ́tò yín nìkan jáde, ẹ fi ohun tó bá parí sí .exe, .vbs tàbí .lnk sílẹ̀, kẹ́ ẹ sì fọ́máàtì fúláàṣì náà.

Ọ́pídéètì

Láptọ́ọ̀pù wa ò gba ọ́pídéètì fún bí oṣù márùn-ún. Họ́tísípọ́ọ̀tù fóònù la fi ń wọ íńtánẹ́ẹ̀tì, a sì ti tan Metered connection kó má baà jẹ dátà, Windows kì í sì fúnra ẹ̀ fa ọ̀pọ̀ ọ́pídéètì wọlé bó bá wà bẹ́ẹ̀. Ẹ fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ tí dátà bá wọ́n yín, ṣùgbọ́n ẹ dá ọjọ́ kan. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun kejì nínú oṣù ni Microsoft ń gbé èyí tó ṣe pàtàkì jáde, tiwa ni alẹ́ Sátidé tó tẹ̀ lé e, tá a bá ra dátà òru, a á lọ sí Settings > Windows Update, a á tẹ Check for updates, a ò sì ní lọ sùn láìtẹ Restart, torí kéèyàn kàn pa ìdérí láptọ́ọ̀pù dé kì í parí ẹ̀. Ẹ má bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ tí bátìrì ò bá dúró tí kò sì síná.

Àwọn tó ṣì wà lórí Windows 10, oṣù kẹwàá ọdún 2025 ni ọ́pídéètì ọ̀fẹ́ tó máa ń wá fún gbogbo èèyàn dópin. Ẹ kọ `winver` síbi Search kẹ́ ẹ lè mọ èyí tẹ́ ẹ ní.

Bákọ́ọ̀pù

Kéèyàn kó fáìlì sórí OneDrive dáa, ṣùgbọ́n ẹ mọ̀ pé tí ọmọ bá pa fọ́tò rẹ́ lórí láptọ́ọ̀pù, á pa rẹ́ lókè náà, ọgbọ̀n ọjọ́ lẹ sì ní láti yọ ọ́ padà nínú Recycle bin ibẹ̀. Èyí tó jẹ́ ọ̀fẹ́ kò ju 5 GB lọ. Torí ẹ̀ la ṣe ra háàdì dísìkì kékeré. Lọ́jọ́ Àìkú tó kẹ́yìn nínú oṣù, kálukú á wọ àkáǹtì ẹ̀, á kó Documents àti Pictures sínú fódà tuntun tó ní orúkọ ẹ̀ àti oṣù náà, a ò sì ní kó o lé ti oṣù tó kọjá lórí, torí tí fáìlì bá ti bàjẹ́ kẹ́ ẹ tó mọ̀, èyí tó bàjẹ́ lẹ máa fi rọ́pò èyí tó dáa. Tá a bá ti ṣe tán, a á yọ ọ́, á wọ kọ́bọ́ọ̀dù bàbá. Dísìkì tó bá wà lára láptọ́ọ̀pù nígbà tí fáírọ́ọ̀sì tó ń ti fáìlì pa bá dé, òun náà á bá a lọ.

Kí bàbá tó ti kọ́bọ́ọ̀dù, màmá mi máa ń ṣí ìwé àjọ wọn láti orí dísìkì yẹn, wọ́n á wo orúkọ ẹni tó gbà kẹ́yìn, tó bá bá ti inú ìwé wọn mu, ó di oṣù tó ń bọ̀.