Bí a ṣe ń kọ ímeèlì tọrọ àfikún àkókò lọ́wọ́ àjọ tó ń fúnni ní ìwé-ẹ̀rí lẹ́yìn àìsàn

Ẹ kọ́kọ́ ṣí ìwé òfin àjọ náà, kí ẹ wo ibi tí wọ́n ti sọ̀rọ̀ nípa àìsàn. Bí wọ́n bá ní fọ́ọ̀mù fún irú ẹ̀bẹ̀ yìí, ẹ kún un, kí ẹ so ó mọ́ ímeèlì. Ẹ wo àdírẹ́sì tó yẹ kí ẹ fi ránṣẹ́ sí pẹ̀lú.

Lẹ́tà dókítà ló máa ń ba nǹkan jẹ́. Àìsàn lè jẹ́ òótọ́ pọ́ńbélé, kí ìwé tí ẹ fi gbè é lẹ́yìn má sì sọ ohun tí àjọ fẹ́ mọ̀. Ìwé pélébé tó ní "aláìsàn yìí wá sọ́dọ̀ wa lónìí" kò fi hàn ju pé ẹ dé ọsibítù lọ́jọ́ kan lọ. Rìsíìtì oògùn kò sọ pé ẹ kò lè ṣiṣẹ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Èsì àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ náà kò sọ ọ́. Àwòrán ọwọ́ tí wọ́n fi omi sí ló tún wá burú jù, kò lórúkọ, kò ní déètì.

Nítorí náà, ẹ má kàn ní kí dókítà "bá mi kọ lẹ́tà". Ẹ kọ ohun tí ẹ fẹ́ sórí ìwé fún un: orúkọ yín bó ṣe wà lọ́dọ̀ àjọ, ọjọ́ tí àìsàn bẹ̀rẹ̀, ọjọ́ tí ara yín tó le tó iṣẹ́, àti gbólóhùn kan pé láàárín ọjọ́ méjèèjì ẹ kò lè kàwé tàbí ṣiṣẹ́. Kó fọwọ́ sí i, kó lu òǹtẹ̀, kó kọ déètì. Bí òfin àjọ kò bá bèèrè orúkọ àìsàn, kò pọn dandan kó wà níbẹ̀. Bí ó bá ti wà níbẹ̀ tí ẹ sì fẹ́ bò ó, ẹ má fi àpótí dúdú bò ó lórí kọ̀ǹpútà, torí ọ̀rọ̀ abẹ́ rẹ̀ ṣeé dà kọ nígbà mìíràn. Ẹ tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé, ẹ fi yíǹkì pa á rẹ́ dáadáa, kí ẹ tó yà á padà.

Ní ti ọjọ́ tí ẹ ó tọrọ, ìṣirò ni. Ká ní gbèdéke jẹ́ 30 oṣù kẹfà, àìsàn sì dá yín dúró láti ọjọ́ 3 sí ọjọ́ 24 oṣù karùn-ún. Ọjọ́ 22 ló lọ, nítorí a ka ọjọ́ àkọ́kọ́ àti ọjọ́ ìkẹyìn mọ́ ọn. Ẹ tọrọ ọjọ́ 22 oṣù keje. Ẹni tó kọ "ẹ fún mi ní àkókò díẹ̀ sí i" ti gbé iṣẹ́ fún òṣìṣẹ́ tó ń kà á. Ẹni tó tọrọ oṣù mẹ́ta nítorí ọjọ́ 22 ti fa ìbéèrè wá sórí ara rẹ̀.

Ímeèlì fúnra rẹ̀ kò yẹ kó gùn. Nọ́ńbà ìforúkọsílẹ̀ gbọ́dọ̀ wà nínú àkòrí:

"Ẹ̀bẹ̀ fún àfikún àkókò nítorí àìsàn: nọ́ńbà 2451

Ẹ̀yin Alákòóso, gbèdéke tí mo ní láti fi àkójọ iṣẹ́ mi ránṣẹ́ ni 30 oṣù kẹfà. Àìsàn dá mi dúró láti ọjọ́ 3 sí ọjọ́ 24 oṣù karùn-ún. Mo ń bẹ̀bẹ̀ pé kí ẹ sún un sí ọjọ́ 22 oṣù keje. Lẹ́tà dókítà àti ìwé ìdásílẹ̀ láti ọsibítù wà nínú fáìlì méjì tí mo so mọ́ ọn. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi èsì ránṣẹ́ sí mi lákọsílẹ̀."

Kò sí ìtàn bí ibà ṣe mú yín lóru.

Kò sí ẹ̀rọ ìyàwòrán ìwé nílé? Áàpù tó ń fi fóònù ya ìwé tó. Ẹ tẹ́ ìwé sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé lọ́sàn-án, kí igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin hàn, kí òǹtẹ̀ ṣeé kà, kí ẹ sì fi pamọ́ bíi PDF. Ìwé kan, fáìlì kan: `2451_Leta_Dokita.pdf`. Gmail kì í jẹ́ kí ẹ so fáìlì tó ju 25 MB lọ mọ́ ímeèlì, ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí gbogbo rẹ̀ ju 5 MB. Ẹ má fi líǹkì ránṣẹ́ dípò fáìlì. Ẹni tó fẹ́ ṣí i lè bá a ní títì.

Bí lẹ́tà dókítà bá pẹ́, ẹ má dúró dè é kọjá gbèdéke. Ẹ fi ímeèlì ránṣẹ́, ẹ sọ ọjọ́ tí lẹ́tà yóò tẹ̀ lé e, kí ẹ sì fi í ránṣẹ́ lábẹ́ ímeèlì kan náà. Bí ọjọ́ iṣẹ́ márùn-ún bá kọjá láìsí èsì, ibẹ̀ náà ni kí ẹ ti rán wọn létí. Èsì tí ẹ̀rọ fi ránṣẹ́ lójú ẹsẹ̀ pé "a ti rí ímeèlì yín gbà" kì í ṣe ìyọ̀ǹda. 30 oṣù kẹfà ṣì ni gbèdéke yín títí ènìyàn yóò fi kọ ọ́ sílẹ̀ pé ó ti yí padà.