Bí a ṣe dá ooru páánù dúró nínú ṣọ́ọ̀bù ẹ̀gbọ́n mi

Ṣọ́ọ̀bù tí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ti ń ránṣọ ní Ìsẹ́yìn kò ní àjà. Ẹsẹ̀ bàtà 12 ni gígùn rẹ̀, 10 ni fífẹ̀ rẹ̀, páánù nìkan ló sì wà lókè orí. Bí ọ̀sán bá ti pọ́n nínú oṣù Kejì, kò ṣeé jókòó sí. Fáànù wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n kò ràn án. Mo fẹ́ mọ ìdí rẹ̀ kí a tó náwó, nítorí pé gbogbo ẹni tó ń ta nǹkan òrùlé ló ń sọ pé tòun ló dára jù.

Mo yá ẹ̀rọ ìwọn-ooru tí a ń yìn bí ìbọn, irú èyí tí àwọn tó ń tún ẹ̀rọ amúlétutù ṣe máa ń lò. Èyí tí wọ́n ń yìn sí iwájú orí wa lẹ́nu ọ̀nà báńkì nígbà kòrónà kò lè ṣe iṣẹ́ yìí, torí ara ènìyàn ni wọ́n ṣe é fún. Ní agogo méjì ọ̀sán, abẹ́ páánù jẹ́ dígíríì 64. Tẹmómítà tí mo so kọ́ inú ṣọ́ọ̀bù, tí mo fi páálí bò lókè kí ooru páánù má baà bọ́ sí i lára, ní 38 ni atẹ́gùn ibẹ̀. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti yé mi. Kì í ṣe atẹ́gùn ló ń jó ẹ̀gbọ́n mi lórí. Páánù ló ń ta ooru sí i lára tààrà, bí ẹni tó jókòó ti iná àdògán. Fáànù ń gbé atẹ́gùn kiri ni, kò lè dí ìtànṣán ooru lọ́nà. Àfi kí nǹkan kan dúró láàárín orí rẹ̀ àti páánù.

Àwọn igi tí wọ́n kan páánù mọ́ ti pín abẹ́ òrùlé sí ipa ipa. Mo bẹ Bàbá Káfíńtà pé kí wọ́n bá wa fi nǹkan mẹ́rin sí ipa mẹ́rin, kí oòrùn kan náà lè pa gbogbo wọn. Ipa kìíní gba fọ́ìlì, tí a fi àlàfo íǹṣì 2 sí àárín òun àti páánù. Ìkejì gba pátákó fóòmù funfun, irú èyí tó máa ń wà nínú páálí tẹlifíṣọ̀n tuntun, ó nípọn ní íǹṣì 1. Ìkẹta gba òwú òkúta tí àwọn oníṣòwò ń pè ní rọ́kúùlù, íǹṣì 2, a fi pílíwúùdù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ gbé e dúró. Ìkẹrin gba pátákó àjà oníke nìkan.

Ohun kan wà tó yẹ kí ẹni tó bá fẹ́ ṣe irú ìdánwò yìí mọ̀. Bí ẹ bá yin ẹ̀rọ yẹn sí ara fọ́ìlì tó ń dán, iye tí yóò kà kì í ṣe òótọ́, nítorí pé ooru àwọn nǹkan mìíràn tó ta bá fọ́ìlì ló ń rí. Nítorí náà, n kò wọn àwọn nǹkan náà fúnra wọn. Mo so ègé páálí tí mo fi dúdú kùn sábẹ́ ìkọ̀ọ̀kan wọn, ní ìwọ̀n ìka ọwọ́ nínà kan sí ìsàlẹ̀, mo sì yin ẹ̀rọ sí páálí. Ooru tí páálí dúdú bá gbà ni orí ènìyàn náà yóò gbà.

Páálí tó wà lábẹ́ páánù lásán jẹ́ 47. Ti abẹ́ àjà oníke jẹ́ 42, ti fóòmù 40, ti fọ́ìlì 40, ti òwú òkúta sì jẹ́ 39. Fọ́ìlì tí kò nípọn ju bébà lọ bá fóòmù íǹṣì kan dọ́gba! Ìdí ni pé ẹ̀gbẹ́ tó ń dán kì í fẹ́ ta ooru jáde: bó tilẹ̀ gbóná, díẹ̀ ló ń tú sílẹ̀ sí ìsàlẹ̀. Ṣùgbọ́n àlàfo ni agbára rẹ̀. Mo ti igun kan lára fọ́ìlì náà mọ́ páánù títí ó fi kàn án, nígbà tí mo sì fi ọwọ́ kan ibẹ̀, ó ń ta bíi páánù gan-an. Irin ni òun náà, ooru ń gba inú rẹ̀ kọjá wéré.

Ẹ̀gbọ́n mi ní, "Àbúrò, ṣé rọ́kúùlù ló gba ipò kìíní, kí ló dé tí a ò rà á?" Mo ní kí wọ́n wo páánù wọn dáadáa. Ó ti ń dípẹtà, òjò sì ń gba ojú ìṣó wọlé. Tí òwú òkúta bá rin, omi á gba ipò atẹ́gùn tó wà nínú rẹ̀, kò sì ní dá ooru dúró mọ́. Á tún mú kí igi jẹrà lábẹ́lẹ̀. Páánù tuntun ni ó tọ́ sí. Ó ní iyì tirẹ̀: kì í jóná, ó sì ń pa ariwo òjò, èyí tí fọ́ìlì kò lè ṣe. Ẹni tó bá fẹ́ fọwọ́ kàn án kí ó wọ ìbọ̀wọ́, kí ó bo imú, torí ó ń yúnni.

Ní ti fóòmù, n kò gbà rárá. Áyọ́ọ̀nù eléèédú ni wọ́n ń lò níbẹ̀, fóòmù yẹn sì máa ń gbiná kíákíá, èéfín rẹ̀ dúdú, ó sì burú fún ọ̀fun. Bó bá ti gbóná tó nǹkan bíi dígíríì 80, ó ń rọ̀. Ẹni tó bá máa lò ó gbọ́dọ̀ fi àjà tí kì í tètè jóná bò ó.

Fọ́ìlì pẹ̀lú àjà oníke la mú. Bàbá Káfíńtà ní pátákó ásíbẹ́sítọ́ọ̀sì àtijọ́ nílé tí wọ́n fẹ́ fi ta wá lọ́rẹ. Mo dúpẹ́, mo sì bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n má fi ayùn kàn án láé, nítorí eruku rẹ̀ ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́, àrùn rẹ̀ sì lè pẹ́ ní ọ̀pọ̀ ọdún kí ó tó yọjú.

A kọ́kọ́ dí ojú ìṣó tó ń jò. Lẹ́yìn náà a pa iná láti ibi mítà. Ẹ má fojú kékeré wo èyí. Ní Ọsirélíà, nínú ètò tí ìjọba fi ń fi irú nǹkan wọ̀nyí sí òkè àjà ilé ní 2009 àti 2010, òṣìṣẹ́ mẹ́rin ló kú: iná mànàmáná pa mẹ́ta, ooru òkè àjà pa ẹnì kan. Fọ́ìlì ń gbé iná. Ìṣó kan tó bá gún wáyà tó ń ṣiṣẹ́ lè gbé iná bá gbogbo rẹ̀. Wáyà tó gba abẹ́ òrùlé, a kó o sínú páìpù oníke ká tó tẹ̀síwájú.

A wá ta fọ́ìlì sábẹ́ àwọn igi, ẹ̀gbẹ́ dídán sí ìsàlẹ̀ kí eruku má baà bà lé e, a jẹ́ kí ọ̀kan gun orí èkejì ní íǹṣì 4. Láti òkè òrùlé la ti bẹ̀rẹ̀, kí etí tòkè lè máa gun orí tìsàlẹ̀. Ìrì tó ń sẹ̀ sábẹ́ páánù lóru ọyẹ́ yóò wá máa ṣàn lórí fọ́ìlì lọ sí etí òrùlé, kò ní kán sórí aṣọ oníbàárà. A fi àyè sílẹ̀ ní etí ìsàlẹ̀ àti ní òkè kí atẹ́gùn gbígbóná lè rí ọ̀nà jáde, a sì fi nẹ́ẹ̀tì dí i nítorí eku. Àjà oníke tẹ̀ lé e, lórí igi túù báì túù, ní íǹṣì 6 sí abẹ́ fọ́ìlì.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí páánù tún gbóná bíi ti àkọ́kọ́, ojú àjà jẹ́ 39, páálí dúdú mi sì jẹ́ 37. Fáànù ti wá ń wúlò. Ògiri ìwọ̀ oòrùn ló kù, torí láti agogo mẹ́rin ló ti ń gbóná, ó sì ń mú ooru náà dání di alẹ́. Ẹ̀gbọ́n mi ti ní kí Bàbá Káfíńtà wá wọn ibi tí wọn yóò ta ìbòji sí níta rẹ̀.