Koko kan, iye mẹ́ta: bí mo ṣe kọ ìwé ìtumọ̀ dátà wa

Ìbéèrè kan ṣoṣo ni ọ̀gá wa bi wá nípàdé ní Àkúrẹ́: àpò koko mélòó la rà ní oṣù kọkànlá? Àwọn tó ń rà á lóko ní 412. Bàbá Sítọ́ọ̀ ní 386. Akáǹtánì ní 402. Kálukú mú ìwé tirẹ̀ dání, kò sì sí ẹni tó purọ́. Èmi tí mò ń bójú tó dátà ni wọ́n ní kí n wádìí rẹ̀.

Mo jókòó ti ẹnì kọ̀ọ̀kan, mo ní kó ṣàlàyé bó ṣe ń ka àpò kan fún mi. Lójú àwọn ará oko, ọjọ́ tí wọ́n bá ti sanwó fún àgbẹ̀ ní Ìdànrè ni koko ti di rírà. Kílò 62.5 ni àpò wọn, torí mẹ́rìndínlógún rẹ̀ ló pé tọ́ọ̀nù kan. Akáǹtánì mú kílò 25,750 kan náà tí a sanwó fún, ó fi 64 pín in, bó ṣe bá a nínú síìtì ẹni tó wà níbẹ̀ ṣáájú rẹ̀.

Ti Bàbá Sítọ́ọ̀ ló le jù. "Ọmọ mi, koko tí kò tíì gbẹ, mi ò kà á mọ́ra." Àpò 18 tí a sanwó fún níparí oṣù kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ àfi oṣù kejìlá. Nínú 394 tó kù, omi tó bíi 9.4 nínú ọgọ́rùn-ún. Ó sá wọn títí ó fi ku 7.5, ó wá tún wọn wọ̀n. Mo ṣe ìṣirò rẹ̀:

```
24,625 × (100 − 9.4) ÷ (100 − 7.5) ≈ 24,119
```

Sikéèlì rẹ̀ gbé 24,125, ìyẹn àpò 386. Omi ló lọ, kì í ṣe koko.

Ohun ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n ń kà tí wọ́n ń pè lórúkọ kan. Mo yọ "àpò tí a rà" kúrò, mo fi ìwọ̀nyí rọ́pò rẹ̀, gbogbo rẹ̀ ní kílò:

```
koko_sanwo_kg
koko_lona_kg
koko_gbigbe_kg
```

`koko_sanwo_kg` ni gbogbo èyí tí a ti sanwó fún. `koko_lona_kg` ni èyí tí a ti sanwó fún tí kò tíì dé. `koko_gbigbe_kg` ni èyí tó ti gbẹ, tí Bàbá Sítọ́ọ̀ sì ti tún wọ̀n. Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ sọ ọ́ ní àpò, 62.5 nìkan ni yóò fi pín in. Mo kọ ìtumọ̀ sábẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan, mo kọ ìwé tí iye náà ti wá, ọjọ́ tí a ń lò, ẹni tí a ó bi, àti ohun tí kò sí nínú rẹ̀. Èyí tó kẹ́yìn yìí la jiyàn lé lórí jù, òun náà ló sì wúlò jù.

Kí n tó fi ránṣẹ́, mo fún èèyàn méjì ní rìsíìtì kan náà, mo ní kí kálukú dá ṣírò tirẹ̀. Iye wọn kò bára mu: ọkọ̀ kan dé lálẹ́ ọjọ́ 30, ọjọ́ kejì ni a wọn ẹrù rẹ̀. Mo fi "ọjọ́ tí sikéèlì wọ̀n ọ́n" kún un. Nígbà tí wọ́n tún un ṣe, iye kan náà ni àwọn méjèèjì mú wá.

Owó àsansílẹ̀ tí a ń fún àgbẹ̀ kí koko tó pọ́n ni a kò tíì fẹnu kò lé lórí. Ní báyìí, ohun tí mo kọ ni pé kò sí nínú `koko_sanwo_kg`, títí a ó fi wọn koko náà.